Fúláwà Àdélò àbí Fúláwà Àfipamọ́: Ìfiwéra fún Békìrì ní Ilé-Ifẹ̀

Ẹ jẹ́ ká mú békìrì kan ní Ilé-Ifẹ̀ tó ń lo àpò fúláwà 10 lójúmọ́, àpò oníkílò 50. Ìbàdàn ni fúláwà rẹ̀ ti ń wá, ó ń gba Aṣẹ́jirẹ́, Ìkirè àti Gbọ̀ngán kọjá kó tó wọ Ifẹ̀. Ọ̀nà méjì ló wà tí ẹni tó ni békìrì náà lè gbà ṣe é. Ó lè ṣètò kí ọkọ̀ máa dé lọ́jọ́ tí fúláwà ilẹ̀ ń tán gan-an, kí owó kankan má sùn sí sítọ́ọ̀. Ó sì lè máa ní àpò díẹ̀ nílẹ̀ nígbà gbogbo, èyí tí yóò máa gbà á sílẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ bá pẹ́. Àkọ́kọ́ ni wọ́n ń pè ní jọ́ọ̀sì-in-táìmù lédè òyìnbó. Àdélò la ó máa pè é níbí, nítorí bí ọjà bá ṣe ń dé ni wọ́n ń lò ó. Èkejì ni àfipamọ́.

Bí ọ̀nà ṣe jìn tó ni ọ̀pọ̀ fi ń yan èyí tí wọ́n máa ṣe. Wọ́n á ní ọjà Èkó jìn, ẹ jẹ́ ká kó o pamọ́. Ti Ìbàdàn ò jìn, ká máa rà á díẹ̀díẹ̀. Ọ̀nà jíjìn kọ́ ló ń tán fúláwà nílẹ̀. Ọkọ̀ tó ń gba ọjọ́ 7 ní gbogbo ìgbà, láìyẹ̀, kò ní pa békìrì kankan lára: ẹ ó kàn máa pàṣẹ ní ọjọ́ 7 ṣáájú. Ọkọ̀ tó gba ọjọ́ 2 lónìí, tó gba ọjọ́ 6 lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ni ẹ ní láti bẹ̀rù.

Àdélò nílé ẹni tó dá a sílẹ̀

Ilé iṣẹ́ ọkọ̀ Tòyótà ní Jàpáánì ló sọ àdélò di olókìkí, Taiichi Ohno sì ni ẹni tí wọ́n mọ̀ jù mọ́ ọn. Káàdì ni wọ́n fi ń darí rẹ̀, kánbánì lorúkọ káàdì náà lédè wọn. Nígbà tí òṣìṣẹ́ bá mú ohun èlò lò, káàdì ara rẹ̀ á padà sẹ́yìn, òun náà ló sì ń jẹ́ àṣẹ pé kí wọ́n kó òmíràn wá. Kò sí ẹni tó ń ṣe ohun tí a kò tíì bèèrè.

Ní ọjọ́ 1, oṣù kejì, ọdún 1997, iná jó ilé iṣẹ́ Aisin ní ìlú Kariya. Ibẹ̀ ni Tòyótà ti ń gba ohun kékeré kan tó wà nínú bíréèkì, owó rẹ̀ kò sì tó nǹkan. Àfipamọ́ tí Tòyótà ní kò ju ti wákàtí díẹ̀ lọ, bẹ́ẹ̀ ni ilé iṣẹ́ rẹ̀ kan lẹ́yìn èkejì ṣe dákẹ́. Àwọn oníṣẹ́ mìíràn tó wà nítòsí ló dìde tí wọ́n ń ṣe ohun náà, tí iṣẹ́ fi padà láàárín bí ọ̀sẹ̀ kan. Lẹ́yìn ìmìtìtì ilẹ̀ ọdún 2011, Tòyótà fúnra rẹ̀ ní kí àwọn tó ń kó ṣíìpù kọ̀ǹpútà fún un máa fi èyí tó tó lílò oṣù 2 sí 6 pamọ́. Kò pa àdélò tì. Ó kàn rí i pé ohun kan wà lára ọkọ̀ tí kò ṣeé fi sí i.

Ìdí nìyẹn tí a kò fi gbọdọ̀ yan ọ̀kan fún gbogbo békìrì pa pọ̀. Orí ohun èlò kọ̀ọ̀kan la ti ń yan án. Fúláwà ni kí a kọ́kọ́ yẹ̀ wò, torí òun ló ń jẹ owó jù.

Ẹ ka ọjọ́ tí ọkọ̀ ń gbà

Ẹ mú ìwé tí ẹ fi ń gba ọjà. Kọ ọjọ́ tí ẹ mọ̀ pé ó yẹ kí ẹ pàṣẹ, kọ ọjọ́ tí àpò wọ sítọ́ọ̀, ẹ wá ka ọjọ́ tó wà láàárín. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ kíkà láti ìgbà tí ọlọ́jà ní òun ti rí owó. Tí owó bá ti fi ọjọ́ kan dúró lọ́wọ́ yín nítorí pé ẹ ń dúró de àwọn tó gba búrẹ́dì àwìn, ọjọ́ yẹn wà lára rẹ̀. Àwọn kan á máa bínú sí awakọ̀ nígbà tó jẹ́ pé ọ̀dọ̀ tiwọn gan-an ni ìdajì ìpẹ́ náà wà.

Ká ní bí ọkọ̀ 10 ṣe dé nìyí, ní iye ọjọ́: 2, 3, 3, 2, 3, 6, 3, 3, 2, 3. Àròpọ̀ wọn jẹ́ 30, ìpíndọ́gba sì jẹ́ ọjọ́ 3. Ẹni tó bá ń lo ìpíndọ́gba nìkan á ní: àpò 10 lójúmọ́, ọjọ́ 3, nítorí náà kí n pàṣẹ nígbà tó bá ku àpò 30. Ọkọ̀ tó gba ọjọ́ 6 yóò bá a láìní fúláwà fún ọjọ́ 3 gbáko.

Ohun tí ìpíndọ́gba kò sọ ni ìyapa, ìyẹn bí nǹkan ṣe ń jìnnà sí ìpíndọ́gba rẹ̀. Fún ọkọ̀ 10 yìí, ìyapa jẹ́ bí ọjọ́ 1.15. Fúláwà tí ẹ ń lò lójúmọ́ náà ní tirẹ̀. Ká ní ó jẹ́ àpò 1.5, nítorí ọjọ́ kan kò rí bí èkejì. Bí ẹ bá ní fóònù tó lè ṣí tábìlì ìṣirò, ẹ kọ ìpíndọ́gba ìlò sí B1, ìyapa rẹ̀ sí B2, ìpíndọ́gba ọjọ́ ọkọ̀ sí B3, ìyapa rẹ̀ sí B4. AVERAGE ló ń wá ìpíndọ́gba, STDEV.S ló ń wá ìyapa. Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ èyí sí B5 àti B6:

```
=1.65*SQRT(B3*B2^2+B1^2*B4^2)
=B1*B3+B5
```

Ti àkọ́kọ́ ni àfipamọ́, ti èkejì sì ni iye tó gbọ́dọ̀ ṣẹ́ kù nílẹ̀ kí ẹ tó pàṣẹ. 1.65 túmọ̀ sí pé ẹ fẹ́ kí fúláwà tó yín ní ìgbà 19 nínú 20 tí ẹ bá pàṣẹ. Fún békìrì wa, àfipamọ́ jẹ́ àpò 20 tí a bá yí i sókè, àṣẹ sì di nígbà tó bá ku àpò 50. Bí ẹ bá fẹ́ ìgbà 99 nínú 100, ẹ fi 2.33 rọ́pò 1.65, àfipamọ́ á sì di 28.

Ẹ wo ohun tó wà nínú àkámọ́ SQRT dáadáa. Apá tí ìlò ojoojúmọ́ mú wá kò ju 6.75 lọ, apá tí ọkọ̀ mú wá lé ní 130. Tí ọkọ̀ bá ń dé ní ọjọ́ 3 géérégé láìyẹ̀, àpò 5 péré ni ẹ nílò láti fi bo ìyàtọ̀ àwọn oníbàárà. Àpò 15 yòókù, awakọ̀ àti ojú ọ̀nà lẹ ń fi wọ́n dè. Ẹni tó ń rò pé oníbàárà tí kò ṣeé mọ̀ ló ń mú òun kó fúláwà jọ, kò tíì ka ìwé rẹ̀.

Owó wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn

Ẹ jẹ́ ká fi owó tí a kàn dá lábàá wò ó. Ẹ fi ti yín rọ́pò rẹ̀. Ká ní àpò kan jẹ́ 60,000 náírà, owó tí ẹ fi ń rà á sì ń jẹ èlé 3 nínú 100 lóṣù. Àpò kan tó sùn sí sítọ́ọ̀ ń jẹ 1,800 náírà lóṣù. Ká ní èrè tó ń kù lórí àpò kan jẹ́ 7,000, ọjọ́ kan tí ààrò kò bá gbóná á gba 70,000 lọ́wọ́ yín. Ká sì ní alágbàtà kan wà nínú Ifẹ̀ tó lè fún yín ní àpò 10 ní kíákíá, àmọ́ tó ń lé 3,000 lórí àpò kọ̀ọ̀kan. Kò lè fún yín ní 30, nítorí lọ́jọ́ tí ọ̀nà bá dí, gbogbo békìrì ìlú ló máa ń sáré lọ bá a.

Bí ọkọ̀ bá ń kó àpò 60 wá, ọkọ̀ 10 á jẹ́ bí oṣù 2. Ohun tí oṣù 2 yẹn yóò ná yín nìyí, tí ọkọ̀ kan nínú wọn bá gba ọjọ́ 6:

| Ètò | Èlé lórí àfipamọ́ | Èrè tó sọnù tàbí owó tí ẹ fi kún un | Àpapọ̀ |
|---|---|---|---|
| Àdélò nìkan | 0 | 210,000 | 210,000 |
| Àdélò, àti àpò 10 láti ọ̀dọ̀ alágbàtà | 0 | 170,000 | 170,000 |
| Àfipamọ́ 20 | 72,000 | 70,000 | 142,000 |
| Àfipamọ́ 30 | 108,000 | 0 | 108,000 |
| Àfipamọ́ 20, àti àpò 10 láti ọ̀dọ̀ alágbàtà | 72,000 | 30,000 | 102,000 |
| Àfipamọ́ 48 | 172,800 | 0 | 172,800 |

Níbo ni 48 ti wá? Ọ̀nà ìṣirò kan wà tí àwọn èèyàn fẹ́ràn nítorí ó rọrùn: ẹ mú ìlò tó pọ̀ jù lọ́jọ́ kan, ká ní 13, ẹ fi ọjọ́ tó pẹ́ jù, 6, sọ ọ́ di púpọ̀, ẹ wá yọ 30 kúrò. Ó rò pé ìlò tó pọ̀ jù àti ọkọ̀ tó pẹ́ jù á jọ ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ kan náà, ojoojúmọ́, fún ọjọ́ 6. Ìbẹ̀rù ló ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀.

Ẹ ó sì ti rí i pé àpò 20 tí ìṣirò àkọ́kọ́ mú wá kò bo ọkọ̀ ọlọ́jọ́ 6. Ó ku ọjọ́ kan. Àléébù ìṣirò náà nìyẹn: ó gbà pé pípẹ́ àti yíyá ń ṣe déédéé ní ọwọ́ méjèèjì ìpíndọ́gba. Ọkọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Kò lè yá ju ọjọ́ 1 tàbí 2 lọ, àmọ́ kò sí ibi tí ìpẹ́ rẹ̀ kò lè dé. Èrò tèmi ni pé kí ẹ má fi àpò lé ìpẹ́ tí kò lópin yẹn. Àwọn àpò àkọ́kọ́ nínú àfipamọ́ máa ń ṣiṣẹ́ ní ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Àpò ìkẹyìn lè fi oṣù méjì jókòó láìṣe nǹkan kan. Ibi tí owó jíjókòó àpò kan bá ti ju owó tí alágbàtà inú ìlú lé lórí rẹ̀, ẹ dúró níbẹ̀, kí ẹ ní kó máa pa tiyín mọ́ sọ́dọ̀. Ká sòótọ́, àdélò kì í pa àfipamọ́ rẹ́. Ó kàn ń gbé e sílé ẹlòmíràn ni, ẹni yẹn á sì gba owó ilé lọ́wọ́ yín nínú iye tó ń tà á.

Ọ̀nà kan tún wà tó dára ju gbogbo èyí lọ: ẹ dín ìyapa ọkọ̀ kù. Bí ẹ bá lè mú un láti 1.15 wá sí 0.5, àfipamọ́ á já láti 20 sí 10, 600,000 náírà á sì padà sí ọwọ́ yín láìsí pé ewu pọ̀ sí i. Ẹ bá ọlọ́jà ṣe àdéhùn ọjọ́ kan pàtó lọ́sẹ̀, kí ọkọ̀ rẹ̀ tó ń kó ti àwọn ará Ifẹ̀ àti Iléṣà máa jáde pa pọ̀ lọ́jọ́ náà. Ọkọ̀ tí kò kún ló máa ń dúró ní ọgbà ọlọ́jà títí ẹlòmíràn á fi ra ọjà kún un, ìpẹ́ náà kì í sì í ṣe ẹ̀bi ọ̀nà rárá. Ẹ san owó ní ọjọ́ méjì ṣáájú ọjọ́ náà.

Yíìsì, náílọ̀n, ẹyin

Yíìsì kì í tó nǹkan lójú. Ìwọ̀n 1 nínú 100 fúláwà ni ọ̀pọ̀ békìrì ń lò, ìyẹn páálí gíráàmù 500 kan fún àpò kan. Páálí 10 lójúmọ́; kátọ́ọ̀nù tó ní páálí 20 á tó ọjọ́ 2. Owó rẹ̀ àti àyè tó ń gbà kéré lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti fúláwà, àmọ́ láìsí i, àpò 80 nílẹ̀ kò lè di búrẹ́dì kan. Òun ni ohun bíréèkì ti Tòyótà. Ẹ fi kátọ́ọ̀nù 2 tàbí 3 pamọ́ láìṣe ìṣirò kankan, síbi tí ooru ààrò kò dé. Páálí tó dára máa ń le bí òkúta nítorí kò sí afẹ́fẹ́ nínú rẹ̀; èyí tó bá rọ̀ ti gba afẹ́fẹ́. Ẹ da díẹ̀ sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti ṣúgà: bí kò bá hó láàárín ìṣẹ́jú 10, ẹ má fi sínú ìyẹ̀fun.

Náílọ̀n tí wọ́n tẹ orúkọ sí yàtọ̀. Ó ń pẹ́ kó tó dé, ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ kì í sì í gba iṣẹ́ kékeré, nítorí náà kò ṣeé fi sí àdélò. Àmọ́ ó ní ewu tí fúláwà kò ní: bí nọ́ńbà NAFDAC, àdírẹ́ẹ̀sì tàbí ìwọ̀n búrẹ́dì bá yí padà, gbogbo èyí tó kù di pàǹtí. Ẹ fi ti oṣù kan pamọ́, ẹ má jẹ́ kó di ti ọdún kan nítorí pé iye rẹ̀ dín.

Ẹyin àti mílíìkì olómi, àdélò ni tiwọn. Inú ìlú ni wọ́n wà, wọ́n sì ń bàjẹ́. Búrẹ́dì fúnra rẹ̀ náà, àdélò ni: ẹ yan èyí tí àwọn tó ń gbà á tà ti sọ.

Ohun tó ń ba àfipamọ́ jẹ́

Kì í ṣe pé àpò 20 kan wà lẹ́yìn sítọ́ọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn. Iye ni àfipamọ́, kì í ṣe àpò kan pàtó. Bí àpò kan náà bá jókòó sẹ́yìn, kòkòrò pupa tó ń jẹ fúláwà á bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ nínú rẹ̀. Nínú ooru bíi tiwa, láti ẹyin dé àgbà kò ju bí oṣù kan lọ. Èyí tó kọ́kọ́ wọlé ni kó kọ́kọ́ jáde. Ẹ fi pákó gbé àpò kúrò nílẹ̀, kí ẹ fi àyè sílẹ̀ láàárín rẹ̀ àti ògiri kí ènìyàn lè gbálẹ̀ níbẹ̀, pàápàá lásìkò òjò tí ògiri ń mu omi. Ẹ má gbé kẹrosíìnì tàbí dísù sítòsí: fúláwà ń fa òórùn, búrẹ́dì á sì sọ fún oníbàárà. Àyè àpò 90 ni békìrì wa nílò, nítorí bí ọkọ̀ bá dé ní ọjọ́ 2, ó máa bá àpò 30 nílẹ̀.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni kí wọ́n jẹ àfipamọ́ lọ́jọ́ ìṣòro, kí wọ́n má sì dá a padà. Ọkọ̀ pẹ́, àpò 20 gbà wọ́n sílẹ̀, inú wọn dùn. Nígbà tó dé, wọ́n tún dúró fún iye ọjọ́ tí wọ́n máa ń dúró kí wọ́n tó ra 60, láìwo iye tó kù nílẹ̀. Ọkọ̀ kejì tó pẹ́ kò ní bá nǹkan kan. Lẹ́yìn ìpẹ́, ẹ ka iye tó wà nílẹ̀, kí ẹ sì pàṣẹ gbàrà tó bá ku 50, kódà bó jẹ́ ní ọjọ́ kejì.

Ẹ má sì pe ríra fúláwà púpọ̀ nítorí pé owó rẹ̀ fẹ́ gbéra ní àfipamọ́. Àlìkámà ń wá láti òkè òkun, dọ́là ló sì ń darí iye rẹ̀. Láti ìgbà tí wọ́n ti tú náírà sílẹ̀ ní oṣù kẹfà ọdún 2023, àwọn békìrì kan máa ń ra àpò púpọ̀ nígbà tí wọ́n bá gbọ́ ìròyìn. Ó lè mú èrè wá. Òwò mìíràn ni, kí ẹ kọ ọ́ sí ojú ewé mìíràn, kí ẹ má sì jẹ́ kó bo àṣìṣe ètò ọkọ̀ yín.

Nígbà tí yunifásítì bá ti sé

Ifẹ̀ ní ohun kan tí ìlú mìíràn kò fi bẹ́ẹ̀ ní. Nígbà tí àwọn olùkọ́ yunifásítì ṣe ìyanṣẹ́lódì láti oṣù kejì sí oṣù kẹwàá ọdún 2022, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ wà nílé, àwọn ni wọ́n sì ń jẹ búrẹ́dì. Bí ìlò yín bá já láti àpò 10 sí 6, ìṣirò yẹn yóò fún yín ní àfipamọ́ 13, àṣẹ á sì di nígbà tó bá ku àpò 31. Bí ẹ bá fi 50 sílẹ̀, ẹ ó máa bọ́ kòkòrò.

Ẹ so káàdì pupa mọ́ ibi tí òkìtì àpò bá ku 50. Ẹni tó bá gbé àpò tó wà lókè káàdì náà, kó mú káàdì lọ fún ẹni tó ń ra ọjà lọ́jọ́ náà gan-an. Lọ́sẹ̀ tí ẹnubodè yunifásítì bá tì, ẹ sọ káàdì náà kalẹ̀ sí 31. Ẹ gbé e padà sí 50 ní ọjọ́ 3 ṣáájú ọjọ́ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa wọlé, kì í ṣe lọ́jọ́ tí wọ́n bá wọlé.